Ẹ Mú Aṣọ Dọ́gba, Ẹ Fi Àwọ̀ Ara Sílẹ̀: Bí A Ṣe Ń Fi Ẹni Tí Kò Sí Níbẹ̀ Kún Fọ́tò Ẹbí

Alága wa, ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti ń fọ fọ́tò nínú yàrá òkùnkùn kí wọ́n tó bí àwa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ bá kọ̀ǹpútà láyé, mo kí gbogbo yín pátá. Ẹ kú ìjókòó o, ẹ sì kú ooru. Wọ́n ti sọ fún mi pé jẹnẹrétọ̀ kò ní epo púpọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí á tètè gbéra.

Mo ní ìbéèrè kan. Ta ni nínú yín tí oníbàárà kò tíì sọ fún rí pé, “Fọ́tò, ẹ bá wa fi Bọ̀dá kún un, wọn ò ráyè wá”? Ẹ nawọ́ yín sókè kí n rí yín. (Ẹnikẹ́ni kò nawọ́.) Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní àwọn ọdún 1970, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague wá ṣèwádìí lọ́dọ̀ àwọn ayàwòrán wa ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ó sì gbé e jáde ní ọdún 1978. Ohun tó rí níbẹ̀ ni pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ, tí wọn kò sì tíì ya àwọn méjèèjì pọ̀, ayàwòrán á ya èyí tó kù, á sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan ṣoṣo, kí ó lè dà bí ẹni pé ọmọ méjì ló jókòó. Bí ó bá jẹ́ akọ kan, abo kan ni wọ́n, wọ́n á wọ aṣọ tirẹ̀ fún ọmọ náà, wọ́n á yà á, wọ́n á tún wọ aṣọ ẹnìkejì rẹ̀ fún un, wọ́n á tún yà á. Ẹ wo ọgbọ́n yẹn dáadáa. Ọmọ kan náà ni, iná kan náà ni, kámẹ́rà kan náà ni. Àwọ̀ ara ò lè yàtọ̀, torí pé ara kan náà ni. Àwa òde òní la wá ń mú ẹni tó wà lábẹ́ iná ilé ní ìlú òyìnbó, tí a fẹ́ kó wá sábẹ́ oòrùn Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lónìí.

Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo dá

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Photoshop, ẹbí kan gbé irú iṣẹ́ yìí fún mi. Màmá wọn pupa, ẹ̀gbọ́n obìnrin pupa, ọmọ ọkùnrin tí mo fẹ́ fi sáàárín wọn ló ṣókùnkùn díẹ̀ nínú fọ́tò tirẹ̀. Mo ní nínú ara mi pé iná ibi tó dúró sí ni kò tó. Mo gbé e, mo tan án, mo tan án, títí ó fi bá ìyá rẹ̀ mu rẹ́gí. Inú mi dùn. Mo tẹ̀ ẹ́, mo fi gíláàsì sí i, mo gbé e lọ.

Màmá wò ó títí. Wọ́n ní, “Fọ́tò, ta lo gbé jókòó tì mí yìí?” Mo ní ọmọ yín ni, mà. Wọ́n ní, “Ọmọ mi dúdú. Dúdú baba rẹ̀ ló mú. O ti bó ọmọ mi.”

O ti bó ọmọ mi! Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi títí dòní. Àwọn àgbà sọ pé ìka ò dọ́gba. Ẹ wo ẹbí èyíkéyìí tó tò sílẹ̀ níwájú yín: ọ̀kan pupa, ọ̀kan adúmáadán, ọ̀kan wà láàárín méjì. Bí ẹ bá mú kí gbogbo wọn bá ara wọn mu, irọ́ lẹ pa mọ́ wọn. Ohun tó yẹ kó dọ́gba nínú fọ́tò ni ìmọ́lẹ̀ tó bà lé wọn lára. Ara tí ìmọ́lẹ̀ náà bà lé, ẹ fi í sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a.

Ẹ máa bi mí pé: báwo la ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ ìmọ́lẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ara? Torí pé ọmọ dúdú lábẹ́ iná tó pọ̀ àti ọmọ pupa lábẹ́ iná tó kéré, nọ́ńbà kan náà ni wọ́n lè fún ẹ lórí kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ìdáhùn rẹ̀ wà lára aṣọ, mo sì ń bọ̀ níbẹ̀.

Fọ́tò tí ẹ máa gbà

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi ṣàpẹẹrẹ wáyé ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ kan, nígbà ọyẹ́. Màmá pé ọgọ́rin ọdún, ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí, mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Èyí tó ṣìkejì wà ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn ò fún un láyè níbi iṣẹ́. Ní nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni mo ya àwọn tó kù nínú ọgbà. Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀ lápá òsì fọ́tò, eruku ọyẹ́ sì ti bò ó, kò mú lójú, ó kàn rọra pọ́n lára wọn.

Sẹ́fì, fọ́tò tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà, ni ọmọ Lọ́ńdọ̀nù kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, láti orí Wáàsáàpù. Mo dá a padà. Kí ló dé? Sẹ́fì, bí apá ènìyàn ṣe gùn tó ni fóònù fi jìnnà sójú. Imú á tóbi, etí á sá sẹ́yìn. Àwọn tó wà nínú ọgbà, mo jìnnà sí wọn tó mítà mẹ́fà. Bí ẹ bá fi orí sẹ́fì sáàárín wọn, kò sí bí ẹ ṣe lè to àwọ̀ rẹ̀ tó, ojú á ṣì máa sọ pé nǹkan kan ń ṣe é, ẹni tó ń wò ó ò sì ní mọ ohun tó jẹ́. Èkejì, Wáàsáàpù ti fún un mọ́lẹ̀. Ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú fọ́tò ọgbà fẹ̀ tó irinwó píksẹ́lì. Bí ojú tí wọ́n fi ránṣẹ́ bá jẹ́ igba, ẹ máa fà á ni, awọ ara á sì dán bí ike.

Mo pè é. Mo ní: ẹ̀gbọ́n, ẹ wọ aṣọ ẹbí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, fìlà àti gbogbo rẹ̀. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ńlá lọ́sàn-án, kí fèrèsé wà lápá òsì. Kí ìyàwó yín gbé fóònù sọ́wọ́, kí wọ́n sún sẹ́yìn tó mítà mẹ́ta sí mẹ́rin, kí fóònù wà ní ìbámu àyà yín, kí wọ́n má tan flaáṣì. Kí ẹ wá fi ránṣẹ́ bíi fáìlì, kì í ṣe bíi fọ́tò. Gbogbo rẹ̀ ló ṣe, àfi ọ̀kan: fèrèsé yẹ kó wà lápá òsì fọ́tò, ọ̀tún ló wà. Àṣìṣe kékeré yẹn, ẹ fi sọ́kàn, ó ṣì máa yọ ojú.

Kí ló dé tí mo fi ní fèrèsé? Torí pé oòrùn inú ọyẹ́ kì í dá òjìji tó mú bí abẹ. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé náà kì í dá a. Ká ní aago méjìlá ọ̀sán gangan, lásìkò tí ọyẹ́ ò sí, ni mo ya àwọn ti ọgbà ni, ìta ni mi ò bá ní kó jáde sí. Ẹ wo abẹ́ imú àti abẹ́ àgbọ̀n kí ẹ tó wo ohunkóhun. Bí òjìji ibẹ̀ bá mú nínú fọ́tò kan, tó sì rọ̀ nínú ìkejì, ẹ tún fọ́tò mìíràn bèèrè. Ẹni tí kò bá wo ibẹ̀, tó ń yọ irun orí ọmọ ẹlòmíràn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Aṣọ ni òṣùwọ̀n

Ó dára. Ẹ jẹ́ kí á wọ inú rẹ̀ wàyí.

Aṣọ ẹbí wọn jẹ́ léèsì aláwọ̀ mílíìkì. Ìdì kan náà ni wọ́n ti gé e fún gbogbo ọmọ, títí kan èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ ò rí nǹkan? Ara ọmọ yàtọ̀ sí ara ọmọ, aṣọ ò yàtọ̀ sí aṣọ. Bí aṣọ náà bá wá rí báyìí nínú ọgbà, tó sì rí bẹ́ẹ̀ yẹn nínú pálọ̀ Lọ́ńdọ̀nù, ìyàtọ̀ yẹn ti ìmọ́lẹ̀ nìkan ni. Kò sí ti ara nínú rẹ̀ rárá.

Bí mo ṣe ṣe é nìyí. Mo mú Eyedropper tó ń ka àwọ̀, mo yí i sí 5 by 5 Average, kí ó má baà jẹ́ ojú òwú kan ṣoṣo ni yóò máa kà. Mo ṣí Info, níbi tí nọ́ńbà àwọ̀ ti ń hàn: R ni pupa, G ni àwọ̀ ewé, B ni búlúù. Mo kan èjìká ẹ̀gbọ́n àgbà nínú ọgbà, níbi tí oòrùn ti bà á tààrà: R jẹ́ 232, G jẹ́ 218, B jẹ́ 190. Mo kan èjìká ọmọ Lọ́ńdọ̀nù, lápá fèrèsé: R 186, G 188, B 192. Ẹ gbọ́ ohun tí nọ́ńbà ń wí. Ti ọgbà pọ́n, ti Lọ́ńdọ̀nù tutù, ó fẹ́ máa ṣe búlúù, ó sì tún ṣókùnkùn ju tọgbà lọ.

Mo gbé Curves, tí a fi ń gbé ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ sókè sílẹ̀, lé orí ọmọ náà nìkan, mo fi Create Clipping Mask dè é mọ́ ọn kí ó má baà kan àwọn tó kù. Mo lọ sínú R, mo mú ibi tó jẹ́ 186, mo gbé e sí 232. G, 188 sí 218. B, 192 sí 190, ìyẹn ni pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má fọwọ́ kàn án. Mi ò tíì wo ojú ọmọ náà o. Aṣọ ni mo ń wò. Nígbà tí aṣọ bá aṣọ mu tán, mo wá gbé ojú mi sókè, ojú ọmọ náà ti jókòó sáàárín àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀. Ó ṣì dúdú jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n oòrùn kan náà ló ń pa wọ́n.

Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé kò dúdú jù? Mo ní kí wọ́n wá fọ́tò àtijọ́ kan fún mi, níbi tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dúró pọ̀. Wọ́n rí ti ìgbéyàwó kan. Nínú ìyẹn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n fún mi ní R 150, ti àbúrò 120. Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Nínú ọgbà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n jẹ́ 142. Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 114. Mo kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti jẹ́ 91 tẹ́lẹ̀ kí n tó fi Curves sí i, ó ti di 113. Mo pariwo nínú ṣọ́ọ̀bù! Ọmọṣẹ́ mi rò pé iná gbé mi. (Ẹ̀rín.)

Ẹnì kan á ní, bí kò bá sí aṣọ ẹbí ńkọ́? Ẹ wá funfun tó wà nínú fọ́tò méjèèjì, ìbáà jẹ́ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì. Eyín àti ẹyin ojú dùn-ún wò, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń purọ́: eyín ẹlòmíràn pọ́n, ẹyin ojú sì máa ń wà lábẹ́ òjìji ìpéǹpéjú. Bí funfun kankan kò bá sí, fọ́tò àtijọ́ tí wọ́n ti dúró pọ̀ nìkan ló kù tí ẹ lè gbára lé.

Ọ̀rọ̀ kan lórí ara dúdú, torí pé ó yàtọ̀ sí ohun tí àwọn òyìnbó ń kọ́ wa lórí fídíò. Bí ẹ bá kàn gbé ara dúdú sókè láìka àwọ̀ sí, á di eérú. Ẹ máa rí i níwájú orí àti lórí imú, á dà bíi ti ẹni tí kò fi òróró para ní ọyẹ́. Bí ẹ bá sì fa Curves yẹn kí ó le gan-an kí ojú lè yọ, á di ọsàn. Tó bá jẹ́ ìmọ́lẹ̀ nìkan lẹ fẹ́ fi kún un lẹ́yìn tí aṣọ ti bára mu, ẹ gbé Curves mìíràn lé e, ẹ yí ìyẹn sí Luminosity, àwọ̀ ò ní yí.

Apá tí oòrùn ò dé

Gbogbo ohun tí mo sọ yẹn, apá fèrèsé ni. Apá kejì ojú ọmọ náà ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni àṣírí ti ń tú.

Nínú pálọ̀ rẹ̀, gílóòbù pupa-rẹ́súrẹ́sú kan ń tàn lẹ́yìn. Apá tí fèrèsé ò dé, gílóòbù yẹn ló mú un, ó pọ́n bí epo. Nínú ọgbà, òdìkejì ni: apá tí oòrùn ò dé, ojú sánmà ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí i, ó tutù díẹ̀. Nítorí náà mo tún gbé Curves mìíràn, mo fi bíróọ̀ṣì tó rọ̀ kùn ún sí apá òjìji nìkan. Mo tún padà sídìí aṣọ: èjìká òjìji ti ẹ̀gbọ́n, èjìká òjìji ti àbúrò, mo fa R sílẹ̀ díẹ̀, mo gbé B sókè díẹ̀ títí méjèèjì fi bára mu. Ọrùn ọmọ náà àti abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó dúró tì í wé gèlè aláwọ̀ ọsàn tó pọ́n dẹ̀dẹ̀. Ẹ lọ wo ẹnikẹ́ni tó bá dúró ti irú gèlè bẹ́ẹ̀ nínú oòrùn, díẹ̀ nínú àwọ̀ rẹ̀ á ràn mọ́ àgbọ̀n ẹni náà. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Mo ṣí ìpele tuntun, ìyẹn Layer, mo mú àwọ̀ gèlè, mo kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí àgbọ̀n àti etí tó kọjú sí i, mo yí i sí Soft Light, mo fà á sílẹ̀ dé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí ẹni tó máa rí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá yọ ọ́ kúrò, ọmọ náà á tún dà bí ẹni tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibẹ̀.

Bí mo ṣe gbé e sí ààyè

Èyí ò ní pẹ́. Ìlà ẹ̀yìn ni mo fi í sí, láàárín ènìyàn méjì, kí èjìká wọn bo apá rẹ̀. Bí mo ṣe bọ́ lọ́wọ́ wàhálà ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nìyẹn. Orí rẹ̀ mo wọ̀n pẹ̀lú ti ẹni tó dúró tì í, láti àgbọ̀n dé ojú, kì í ṣe dé fìlà. Orí rẹ̀ da òjìji sí èjìká ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ìpele Multiply, àwọ̀ tí mo mú láti inú òjìji tó ti wà nínú ọgbà tẹ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo dúdú gidi. Fóònù ti fọ ara rẹ̀ mọ́ jù, nígbà tí fọ́tò tèmi ní hóró wíníwíní; mo fi Add Noise kún un ní 2, mo mú Monochromatic, mo sì sún mọ́ ọn ní ìdá ọgọ́rùn-ún gan-an láti fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjì wéra.

Ìdánwò, àti fìlà

Kí n tó tẹ fọ́tò ńlá, mo máa ń ṣe nǹkan méjì. Mo máa ń fi ìpele kan sókè tó máa sọ gbogbo fọ́tò di dúdú òun funfun. Bí ẹni tuntun bá ṣì hàn yàtọ̀ nínú dúdú òun funfun, ìmọ́lẹ̀ ni kò tíì bára mu, ẹ má tíì dá àwọ̀ lẹ́bi. Lẹ́yìn náà, mo máa ń tẹ ẹ̀yà kékeré kan, mẹ́rin nípa mẹ́fà, mo máa gbé e jáde síta nínú oòrùn. Ojú kọ̀ǹpútà máa ń tan ju pépà lọ, òjìji ara dúdú ló sì máa ń kọ́kọ́ rì sórí pépà. Ti ọmọ yìí rì lóòótọ́. Mo gbé apá òjìji rẹ̀ sókè díẹ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́, mo gbé e lọ fún Màmá ọlọ́gọ́rin. Wọ́n mú gíláàsì ojú wọn. Wọ́n wò ó. Wọ́n fi ọwọ́ pa ojú ọmọ wọn lórí gíláàsì. Mo ti ń retí àdúrà. Wọ́n ní, “Ó dára. Àmọ́ fìlà rẹ̀ ńkọ́? Láti kékeré, apá òsì ló máa ń gẹ̀ ẹ́ sí. Ta ló kọ́ ọ ní ọ̀tún?”

Ẹ rántí fèrèsé tó wà ní ọ̀tún? Kí ìmọ́lẹ̀ lè wá láti òsì, Flip Horizontal ni mo ṣe fún un. Mo yí ọmọ náà padà bí ojú inú dígí. Fìlà yí, àpá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀ náà yí, iṣẹ́ ọrùn bùbá yí. Oṣù kan ni mo fi wo nọ́ńbà, mi ò rí fìlà.

Mo gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo yọ fìlà nìkan láti inú fọ́tò àkọ́kọ́ tí n kò yí, mo gbé e lé e lórí. Ìmọ́lẹ̀ fìlà wá wà lápá tí kò yẹ, àmọ́ aṣọ òkè tí wọ́n fi rán an kò dán, nítorí náà Curves méjì, ọ̀kan fi òkùnkùn sí ọ̀tún, ọ̀kan fi ìmọ́lẹ̀ sí òsì, ó gbà. Àpá náà mo dá padà sí ìpéǹpéjú rẹ̀ gangan. Ọrùn bùbá mo fi sílẹ̀, torí pé gèlè àbúrò rẹ̀ bo ìdajì rẹ̀, Màmá ò sì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Láti ìgbà náà, tí mo bá ń sọ fún ẹni òkè òkun ibi tí yóò dúró sí, mi ò sọ òsì, mi ò sọ ọ̀tún mọ́. Mo máa ń ya àwòrán ilé kékeré kan sórí pépà, fèrèsé rèé, ìwọ rèé, fóònù rèé, mo máa fi ránṣẹ́ sí i.

Jẹnẹrétọ̀ ti ń wúkọ́. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kí ó bọ́ síwájú, kọ̀ǹpútà mi wà níbí, fáìlì iṣẹ́ náà ṣì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìpele. Ẹ ṣeun.